Bí A Ṣe Ń Ka Fọ́tò Ìwé Ìnṣọ́ránsì Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹni tó ń gbé ní Ugbonla tó sì ra ìnṣọ́ránsì fún ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ lè má fojú kan ọ́fíìsì adójútòfò rárá. Ilé-iṣẹ́ náà lè wà ní Àkúrẹ́ tàbí ní Èkó. Aṣojú wọn á pàdé rẹ̀ ní Igbókòdá, á gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan fọ́tò ojú ìwé kan ṣoṣo á wọlé sórí WhatsApp. Onítọ̀hún á ṣí i, á rí orúkọ rẹ̀, á rí owó ńlá tí wọ́n kọ síwájú ọkọ̀ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Owó ńlá yẹn kì í ṣe ìlérí ohun tí yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìjàm̀bá. Ojú ìwé kan náà ni wọ́n kọ ohun tó lè dín in kù sí, àti ohun tó lè sọ ọ́ di òfo, àmọ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké. Ìdí nìyẹn tí orí ìwé yìí fi ń kọ́ yín láti ka irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọn kò gbà, lẹ́yìn náà ibi tí owó wọn mọ, lẹ́yìn náà ìpín tí ẹ̀yin fúnra yín máa gbé. Owó ńlá tó wà lókè ló kẹ́yìn.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ fọ́tò náà wò

Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ẹ rí i dájú pé odindi ìwé náà ló wà nínú fọ́tò. Ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ kò bá rí etí bébà nísàlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìlà tó kẹ́yìn ti bọ́ sẹ́yìn kámẹ́rà, ìlà yẹn gan-an ló sì máa ń sọ irú ìlànà tí ìnṣọ́ránsì náà tẹ̀ lé. Ẹ fi ìka méjì fẹ iye owó kọ̀ọ̀kan lójú, kí ẹ sì ka òǹkà òdo tó wà nínú rẹ̀. ₦250,000 àti ₦2,500,000 jọra púpọ̀ nínú fọ́tò tó ṣú. Ẹ béèrè bóyá ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn bébà náà.

WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè rọrùn láti fi ránṣẹ́, lẹ́tà kéékèèké a sì ṣókùnkùn. Ẹ sọ fún aṣojú kó fi ìwé náà ránṣẹ́ bíi Document, kì í ṣe bíi fọ́tò, tàbí kó fi PDF tí ilé-iṣẹ́ fúnra wọn tẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹ tún wo ọjọ́ tí ìnṣọ́ránsì bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, kí ẹ sì fi wé ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì yín. Òfin ìnṣọ́ránsì Nàìjíríà là á mọ́lẹ̀ pé bí owó kò bá wọlé, ìdáàbòbò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Owó tó wà lọ́wọ́ aṣojú láìsí rìsíìtì ilé-iṣẹ́ lè dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀.

Ohun tí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ń sọ

Ẹ jẹ́ ká mú ìwé kan tí mo ṣe fún àpẹẹrẹ. Ọkọ̀ fáíbà ni, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ tó lágbára ogójì ẹṣin. Ohun tí olówó ọkọ̀ rí lójú fóònù rẹ̀ nìyí:

```
Sum Insured: Hull ₦1,800,000 / Engine ₦2,500,000
Excess: 10% of each claim, minimum ₦100,000, Hull and Engine only
Third Party Limit: ₦1,000,000 any one accident
Use: Private. Not for hire or reward
Navigating Limits: Creeks and lagoons, Ondo State
Subject to Institute Yacht Clauses 1.11.85
```

Ìlà kìíní ni iye tí wọ́n kọ sórí ara ọkọ̀ àti iye tí wọ́n kọ sórí ẹ́ńjìnnì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìlà kejì ni ìpín tiyín, ìyẹn owó tí ẹ̀yin máa kọ́kọ́ gbé nínú àdánù kọ̀ọ̀kan kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà kẹta ni gbèdéke owó tí wọ́n lè san fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ yín bá ṣe ní jàm̀bá. Ìlà kẹrin àti ìkarùn-ún sọ ohun tí ẹ lè fi ọkọ̀ náà ṣe àti ibi tí ẹ lè wà á dé. Ìlà tó kẹ́yìn ń tọ́ka sí ìwé mìíràn tí kò sí nínú fọ́tò náà rárá.

Àyọkúrò: ohun tí wọn kò gbà

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, nítorí bí ìjàm̀bá bá bọ́ sínú àyọkúrò, kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti máa ṣírò owó.

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, Institute Yacht Clauses 1.11.85, jẹ́ orúkọ ìlànà tí àwọn adójútòfò ìlú Lọ́ńdọ̀nù kọ fún ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Bélú ọdún 1985. Kì í ṣe ọkọ̀ apẹja tàbí ọkọ̀ èrò ni wọ́n rò kí wọ́n tó kọ ọ́. Síbẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ bá ti wà lórí ìwé yín, gbogbo ohun tó sọ ti di ara àdéhùn yín, yálà wọ́n fi hàn yín tàbí wọn kò fi hàn yín. Ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀. Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tó kan ẹni tó ń lo ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀.

Àkọ́kọ́ ni ẹ́ńjìnnì tó já bọ́ sínú omi. Ìlànà náà sọ pé bí ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ bá yọ kúrò ní ìdí ọkọ̀ tó sì jábọ́ sómi, wọn kò ní san owó rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀ ní agbègbè Ìlàjẹ mọ̀ pé bóòtù máa ń tú díẹ̀díẹ̀ nítorí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì, àti pé bí abẹ́ rẹ̀ bá kọlu igi tó rì sómi, ó lè fò kúrò nídìí ọkọ̀. Àdánù tó ṣeé ṣe jù lọ fún wa nìyẹn, òun gan-an ni wọ́n sì yọ kúrò.

Èkejì ni olè. Wọ́n gbà láti san owó ẹ́ńjìnnì tí olè jí, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti tì mọ́ ọkọ̀ pẹ̀lú ohun ìdènà olè, yàtọ̀ sí bóòtù tó fi ń dúró nídìí ọkọ̀ lójoojúmọ́. Bóòtù nìkan kò tó. Ṣéènì pẹ̀lú àgádágodo tó dáa, tàbí irin ìdènà tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì, ni wọ́n máa béèrè. Ẹ ya fọ́tò ẹ́ńjìnnì yín bó ṣe wà ní títì, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn dáadáa, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù mìíràn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti lọ tán, fọ́tò yẹn ni ẹ̀rí yín.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ẹ ń fi ọkọ̀ ṣe. "Private. Not for hire or reward" túmọ̀ sí pé ẹ kò gbọ́dọ̀ fi ọkọ̀ náà gba owó lọ́wọ́ èrò tàbí kí ẹ fi yá ẹlòmíràn fún owó. Bí ẹ bá gbé èèyàn méjì láti Ugbonla lọ sí ọjà Igbókòdá, tí wọ́n sì san owó ọkọ̀, tí ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, adójútòfò lè kọ̀ láti san gbogbo owó náà, títí kan ti ara ọkọ̀ tí kò kan èrò náà. Bákan náà ni ti ibi tí ẹ lè wà á dé. Ìwé yìí sọ pé inú odò àti ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó nìkan ni. Apẹja tó bá jáde sójú òkun ti jáde kúrò nínú àdéhùn rẹ̀, bí òkun náà tilẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ èrò tàbí ẹja òkun, irú ìwé yìí kì í ṣe tiyín. Ẹ sọ iṣẹ́ yín gan-an nígbà tí ẹ bá ń kún fọ́ọ̀mù, kí wọ́n kọ ìwé tó bá a mu, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ga jù.

Ẹ má gbàgbé ilé tí ẹ̀ ń gbé náà. Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ti pàdánù ilé púpọ̀ sínú òkun, àwọn ìlú tó wà létí òkun ní Ìlàjẹ sì ń rí irú rẹ̀. Bí ẹ bá ra ìnṣọ́ránsì iná fún ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n sì fi omíyalé kún un, ẹ wò ó dáadáa nínú àyọkúrò bóyá "coastal erosion" wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀: omi tó wọ ilé tó sì ba ẹrù jẹ́ lè wà nínú ìdáàbòbò, àmọ́ ilẹ̀ tí òkun jẹ kúrò lábẹ́ ilé kò sí níbẹ̀.

Gbèdéke: ibi tí owó wọn mọ

Gbèdéke ni iye tí owó adójútòfò kò lè kọjá, bó ti wù kí àdánù tóbi tó. Nínú ìwé tiwa, ₦1,000,000 ni fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, "any one accident", ṣe pàtàkì: ìjàm̀bá kọ̀ọ̀kan ní gbèdéke tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé "any one year" ló wà níbẹ̀, gbogbo ìjàm̀bá ọdún náà máa pín gbèdéke kan ṣoṣo, èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sì lè jẹ ẹ́ tán.

Ohun tí àwọn onímọ́tò mọ̀ dáadáa nìyí. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2023, àjọ NAICOM, tó ń darí àwọn adójútòfò ní Nàìjíríà, sọ owó ìnṣọ́ránsì ẹlòmíràn fún mọ́tò àdáni di ₦15,000, wọ́n sì fi gbèdéke ₦3,000,000 sí orí ohun ìní ẹlòmíràn tí mọ́tò náà bá bà jẹ́. Ẹni tó bá fi irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ba nǹkan ₦5,000,000 jẹ́ ṣì jẹ gbèsè ₦2,000,000 lẹ́yìn tí adójútòfò bá ti san tiwọn tán. Gbèdéke kò pa ẹ̀tọ́ ẹni tí ẹ ṣe ní jàm̀bá rẹ́. Ó kàn ń sọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ tí ẹ rà parí sí.

Iye tó wà lórí ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì náà jẹ́ gbèdéke. Bí ẹ bá kọ ₦2,500,000 sórí ẹ́ńjìnnì lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, tí iye owó irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ sì ti fò sókè lọ́jà, ₦2,500,000 ṣì ni òkè owó wọn. Àwọn ìwé mìíràn tilẹ̀ tún ń dín owó kù bí ẹ bá kọ iye tó kéré ju bí ohun náà ṣe tó lọ. Bí ẹ bá ń tún ìnṣọ́ránsì yín ṣe lọ́dọọdún, ẹ kọ́kọ́ béèrè iye owó ẹ́ńjìnnì ní ọjà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Ìpín tiyín

"Excess: 10% of each claim, minimum ₦100,000" ní ẹ̀yà méjì: ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, àti iye tí kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n máa yọ.

Bí àtúnṣe bá jẹ́ ₦80,000, kò tilẹ̀ tó ₦100,000, nítorí náà wọn kò ní san kọ́bọ̀. Bó bá jẹ́ ₦400,000, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ ₦40,000, èyí tó kéré sí ₦100,000. ₦100,000 ni wọ́n máa yọ, wọ́n á san ₦300,000. Bó bá jẹ́ ₦1,500,000, ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ti di ₦150,000, òun ni wọ́n máa yọ, ₦1,350,000 ló máa dé ọwọ́ yín. Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni ₦1,000,000. Fún àdánù tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, iye tí kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ yẹn ló ń ṣèdájọ́.

"Each claim" túmọ̀ sí pé bí ọkọ̀ bá ní ìjàm̀bá méjì lọ́dún kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ máa gbé ìpín yín. Ẹ béèrè bóyá wọn á yọ ọ́ náà bí ọkọ̀ bá ṣègbé pátápátá, nítorí àwọn ìwé kan ò yọ ọ́ nígbà bẹ́ẹ̀. Ẹ tún béèrè bóyá wọn á dín owó ẹ́ńjìnnì kù nítorí ogbó rẹ̀, yàtọ̀ sí ìpín yìí.

Ìjàm̀bá kan àti bí owó rẹ̀ ṣe rìn

Ká sọ pé olówó ọkọ̀ tó ní ìwé tí a fi hàn lókè yìí gbéra láti Ugbonla ní ìrọ̀lẹ́, ó kó ẹja yíyan lọ síbi àsè ẹbí rẹ̀ ní Igbókòdá, kì í ṣe fún títà, kò sì gbé èrò kankan. Ní ìyípo odò kan, ó kọlu ọkọ̀ tó ń bọ̀. Iwájú ọkọ̀ rẹ̀ fọ́, àtúnṣe rẹ̀ jẹ́ ₦400,000. Bóòtù ẹ́ńjìnnì tú, ẹ́ńjìnnì ₦2,500,000 jábọ́ sínú omi. Ọkọ̀ kejì bàjẹ́ gan-an, ₦1,300,000 ni olówó rẹ̀ ń béèrè. Ẹja tó tó ₦250,000 bá omi lọ. Gbogbo àdánù náà jẹ́ ₦4,450,000.

Ẹ jẹ́ ká gba ìsàlẹ̀ lọ sókè. Inú odò ní Ìpínlẹ̀ Òǹdó ló ti ṣẹlẹ̀, kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà àdéhùn ṣì dúró. Ẹ́ńjìnnì tó jábọ́ sómi wà nínú àyọkúrò: òfo. Ẹja kò sí nínú ìwé náà rárá, ara ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì nìkan ni wọ́n kọ: òfo. Ọkọ̀ ẹlòmíràn: gbèdéke jẹ́ ₦1,000,000, ìpín olówó ọkọ̀ kò sì kan apá yìí, nítorí "Hull and Engine only" ni wọ́n kọ, ₦1,000,000 ni wọ́n máa san. Iwájú ọkọ̀: ₦400,000, a yọ ₦100,000, ó ku ₦300,000.

Àpapọ̀ owó adójútòfò jẹ́ ₦1,300,000. Olówó ọkọ̀ ló máa gbé ₦3,150,000 tó kù. Owó tó wà lókè fọ́tò, ₦1,800,000 àti ₦2,500,000, kò sọ ohunkóhun nípa èyí fún un. Ká tún sọ pé èrò kan tó san owó wà nínú ọkọ̀ náà, ₦1,300,000 yẹn gan-an lè di òfo.

Ní ọjọ́ ìjàm̀bá

Ẹ fi tó adójútòfò tàbí aṣojú wọn létí kíákíá, ní kíkọ, kí ẹ fi fọ́tò ọkọ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó tún un ṣe. Bó bá jẹ́ olè ni, ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gba ìwé lọ́wọ́ wọn.

Wàhálà mìíràn wà tí àṣà wa lè kó wa sí. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà máa ń pe ìpàdé kí àlàáfíà lè wà, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ẹ tọrọ gáfárà, ẹ bá wọn kẹ́dùn, àmọ́ ẹ má ṣèlérí owó, ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé pé ẹ̀yin ni ẹ jẹ̀bi, kí adójútòfò tó gbọ́. Ọ̀pọ̀ ìwé ló sọ pé wọn kò ní san owó tí ẹ ti ṣèlérí láìgba àṣẹ wọn. Ẹ lè sọ fún àwọn àgbà pé: "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi tó àwọn tó ń bá mi dójú tòfò létí, n ó padà wá dá yín lóhùn lórí ọ̀rọ̀ owó."

Ohun tí ẹ máa béèrè kí ìjàm̀bá tó dé

Ní ọjọ́ tí fọ́tò bá wọlé, ẹ fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí aṣojú:

"Ẹ káàárọ̀ o, ọ̀gá. Mo ti rí fọ́tò ìwé ọkọ̀ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìwé ìlànà kíkún tó wà ní ìlà ìsàlẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹja òkun ni mo ń pa, mo sì máa ń gbé èrò nígbà mìíràn. Ṣé ìwé yìí gbà bẹ́ẹ̀? Bí ẹ́ńjìnnì bá jábọ́ sómi, ṣé wọ́n á san án? Bí wọn kò bá ní san án, èló ni kí n fi kún owó mi kí wọ́n lè gbà á? Ṣé ìpín mi kan ọkọ̀ tó ṣègbé pátápátá? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ìdáhùn náà ránṣẹ́."

Ẹ má gba ìdáhùn lórí ìpè nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹnu aṣojú kò yí ohun tó wà nínú àdéhùn padà, àmọ́ ìwé tí ilé-iṣẹ́ bá kọ láti fi àyípadà kún un lè yí i padà. Bí wọ́n bá gbà láti fi ẹ́ńjìnnì tó jábọ́ kún un, ẹ dúró de ìwé àfikún yẹn kí ẹ tó gbà pé ó ti ṣẹ. Bí àríyànjiyàn bá dé lẹ́yìn náà, tí adójútòfò kò sì dá yín lóhùn dáadáa, NAICOM ń gba ẹjọ́ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà. Ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ yín ni ìwé ìnṣọ́ránsì, rìsíìtì, àti gbogbo lẹ́tà tí ẹ kọ síra yín. Ẹ tọ́jú wọn pọ̀ sí ibì kan, yàtọ̀ sí fóònù tí ẹ ń gbé wọ ọkọ̀.